Ṣé Kí N Bi Í Ni, àbí Kí N Ṣì Máa Wò Ó? Ohun Tó Yẹ ní Ṣíṣe Bí Ìwà Ọkọ Tàbí Aya Bá Ṣàdédé Yí Padà

Bí ìwà ọkọ tàbí aya bá ṣàdédé yí padà, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé kí n sọ ọ́ jáde ni, àbí kí n fara balẹ̀ kí n máa wò ó? Ìbéèrè náà dára, àmọ́ ó máa ń ṣi ènìyàn lọ́nà, torí ó ka gbogbo ohun tó yí padà sí nǹkan kan ṣoṣo. Ìwà tó ń rúni lójú kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan. Ó máa ń jẹ́ ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó lọ́ mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn yẹ ní bíbéèrè lọ́sẹ̀ yìí, òmíràn máa ṣàlàyé ara rẹ̀ bí a bá fún un láyè, òmíràn kò sì ní ṣeé béèrè dáadáa àfi lẹ́yìn tí ti àkọ́kọ́ bá ti yanjú. Nítorí náà, kí a tó yàn láàárín ọ̀rọ̀ sísọ àti wíwò, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́.

A ó mú ọ̀ràn kan tó wọ́pọ̀ ní ìhà tiwa, a ó sì tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan jẹ́ alágbàtà kòkó. Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ méjì, àmọ́ oko tó yí Oǹdó àti Ìdànrè ká ló ti ń ra kòkó. Ìyàwó rẹ̀ ń ta àǹkárá ní Ọjà Ọba. Láti ìparí oṣù Kẹjọ ni nǹkan ti yí padà. Ọkùnrin tó máa ń wọlé kí aago 7 alẹ́ tó lù ń dé ní aago 9 tàbí 10. Owó oúnjẹ tó máa ń fún ìyàwó lódindi ní gbogbo ọjọ́ Sátidé ti di ohun tó ń fún un díẹ̀díẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ó máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé kó tó gbé e. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyàwó ti bi í pé “Kí ló dé?” níbi tó ti ń jẹun, ohun kan náà ló sì dáhùn: “Kò sí nǹkan.” Lọ́kàn ìyàwó, gbogbo rẹ̀ ti di ọ̀kan: ó ní obìnrin níta.

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ, iye tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an la sì fẹ́ mọ̀.

Kọ ohun tí ojú rí

Mú ìwé kékeré kan, kí o kọ ìyípadà kọ̀ọ̀kan sórí ìlà tirẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí àlejò tó jókòó sí pálọ̀ yín náà máa rí tàbí gbọ́. “Kò kà mí sí mọ́” kò lè wọ inú ìwé yẹn, torí kò sí àlejò tó lè rí i. “Ó dé ní aago 9:40 lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun ti jẹun” lè wọ inú rẹ̀. “Ó ń fi nǹkan pa mọ́ fún mi” kò lè wọ ibẹ̀. “Ó jáde láti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ àná” lè wọ ibẹ̀.

Kì í ṣe pé inú tó bà jẹ́ kò ṣe pàtàkì. Ọkàn tó ti gba nǹkan kan gbọ́ máa ń ṣa ohun tó bá ìgbàgbọ́ náà mu nìkan ni. Ọjọ́ tí ọkùnrin náà dé ní aago 6, tó gbé ọmọ sẹ́sẹ̀, tó sì rẹ́rìn-ín, máa kọjá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí rẹ̀. Ìwé nìkan ló lè bá wa rántí rẹ̀.

Nínú ọ̀ràn wa, ìyàwó máa ní ìlà mẹ́ta: àpẹ́wọlé, owó, àti fóònù. Ó ṣeé ṣe kó fẹ́ fi ìkẹrin sí i, pé ọkọ òun ti dákẹ́ jù. Kó kọ ọ́ báyìí: “A kì í sọ ju ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ọmọ lọ lálẹ́.” Ìyẹn ṣeé rí.

Ìbéèrè mẹ́ta fún ìlà kọ̀ọ̀kan

Àkọ́kọ́: ṣé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí dídákẹ́ máa ná wa ní nǹkan? Owó ilé ìwé, owó ilé, oúnjẹ, oògùn, gbèsè tí orúkọ ìwọ náà wà lórí rẹ̀. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ náà kò sí lára ohun tí a ń wò. Ó yẹ ní sísọ kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Èkejì: ṣé nǹkan kan wà tí àkókò nìkan lè fi hàn wá? Àpẹ́wọlé lè ní àkókò tó ń bá rìn. Bí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, a ó rí i bóyá ọjọ́ oko ló ń pẹ́ tàbí gbogbo ọjọ́. Irú èyí yẹ ní wíwò. Àmọ́ ohun tí ẹnì kan ń sọ nínú fóònù ní ẹ̀yìnkùlé kò lè yé wa láéláé nípa wíwò láti ojú fèrèsé. Bí a bá wo ìyẹn fún oṣù mẹ́fà, ìbínú nìkan la ó ní níkẹyìn.

Ẹ̀kẹta: ṣé mo lè sọ ọ́ ní gbólóhùn kan láìfi ẹ̀sùn sí i? Bí o kò bá tíì lè ṣe é, o kò tíì ríran tó tàbí inú rẹ ṣì ń ru. Dúró ọjọ́ kan tàbí méjì, kí o tún gbìyànjú.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yẹ ọ̀ràn wa wò. Ilé ìwé ń wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án, ọmọ àkọ́kọ́ sì ń lọ sí kíláàsì kìíní ní sẹ́kọ́ńdìrì: aṣọ ilé ìwé tuntun, ìwé tuntun, owó tuntun. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ owó yẹ ní sísọ lọ́sẹ̀ yìí. Àpẹ́wọlé kò ní ọjọ́ tó ń lé e, àkókò sì lè ṣàlàyé rẹ̀, torí náà ìyàwó á máa wò ó. Ọ̀rọ̀ fóònù kò ṣeé mọ̀ nípa wíwò, àmọ́ bí ìyàwó bá da á pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ owó lọ́jọ́ kan náà, ti fóònù ló máa gbé ti owó mì. Ọkọ máa gbèjà ara rẹ̀ lórí fóònù, ilẹ̀ á ṣú, owó ilé ìwé kò ní tíì yanjú. Kí ó fi ti fóònù sí ọ̀sẹ̀ méjì sí i, kí ó sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Ohun tí a sún síwájú láìdá ọjọ́ fún kì í ṣe sùúrù mọ́. Ó ti di dídì sínú.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìnà. Wọ́n á yan wíwò nítorí pé ẹ̀rù ìdáhùn ń bà wọ́n, wọ́n á sì pè é ní sùúrù. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀: bí o kò bá lè sọ ohun tí o ń wò, ọjọ́ tí o máa dáwọ́ dúró, àti ohun tí o máa ṣe lọ́jọ́ náà, o kò wo nǹkan kan. Àwọn mìíràn sì máa ń yan ọ̀rọ̀ sísọ nítorí pé wọn kò lè fara da àìmọ̀ títí di ọ̀la. Bí àyà rẹ bá ń já tó bẹ́ẹ̀ tí o fẹ́ bi í níbi tó ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, àìbalẹ̀ ọkàn tìrẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn máa sọ jáde.

Bí a ṣe ń wò

Ọjọ́ 14 tó fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ó ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì nínú, ó sì kó ọjọ́ ọjà tó ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún mọ́ra ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó ń lọ sí ọjà abúlé. Fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka, ọjọ́ 14 kò tó, torí ọjọ́ tí owó oṣù wọlé àti ọjọ́ tó tán gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí a wò. Fún irú wọn, ẹ lo oṣù kan gbáko. Fún àwọn tí kò tíì fẹ́ ara wọn, tí ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́ tí èkejì sì wà ní Oǹdó, ẹ má ka ọjọ́. Iye ìgbà tí ẹ fojú kan ara yín ni kí ẹ kà, kí ó má sì dín ní mẹ́rin.

Lálẹ́, kí o tó sùn, kọ ohun mẹ́rin: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tó ń lọ ní àyíká rẹ̀, àti ohun tí ìwọ alára ṣe tàbí sọ ṣáájú. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Kọ ọjọ́ tó dára náà. Orí ìwé ni kí o kọ ọ́ sí, má ṣe fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ kankan lórí Wọ́sáàpù. Ọ̀rẹ́ tó rí ohun tó ń bani lọ́kàn jẹ́ fún ọjọ́ 14 máa dá ẹjọ́ kó tó di ọjọ́ kẹta, ẹjọ́ tó dá náà á sì wọ ojú rẹ.

Ohun kẹrin yẹn, ohun tí ìwọ ṣe, ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì máa ń yani lẹ́nu jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí ẹnì kan ṣe ń béèrè sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kejì ń sá sẹ́yìn sí i. Bó ṣe ń sá, ìbéèrè náà á máa le sí i. Olúkúlùkù gbà pé ẹnì kejì ló bẹ̀rẹ̀. Bí o bá rí i nínú ìwé rẹ pé alẹ́ tó dákẹ́ jù ni alẹ́ tí o bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹta kó tó jẹun, o ti rí nǹkan gidi.

Ohun mẹ́ta wà tí kì í ṣe wíwò, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ọ́. Ọ̀kan ni ìdánwò: “Mi ò ní pè é, kí n mọ̀ bóyá ó máa pè mí.” Bí o bá yí ìwà tìrẹ padà, ohun tó ń ṣe sí ìyípadà rẹ ni o ń rí, kì í ṣe ohun tí o fẹ́ mọ̀. Máa kí i, máa se oúnjẹ, máa pè é bí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Èkejì ni fífi ọmọ ṣe amí: “Ta ni Dádì ń bá sọ̀rọ̀?” Ọmọ ọdún méje máa sọ ohun tó rò pé Màmá fẹ́ gbọ́, ẹ̀rù á sì máa bà á nínú ilé bàbá rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni yíyẹ fóònù wò lóru. Bí o kò bá rí nǹkan kan, ọkàn rẹ kò ní balẹ̀, wàá ní ó ti pa á rẹ́ ni. Bí o bá rí ohun tí kò yé ọ, o kò ní lè béèrè rẹ̀ láìjẹ́wọ́ pé o yẹ fóònù wò. Bó bá sì ká ọ mọ́ ọn, láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa sọ ni ti ẹni tó yẹ fóònù wò, ìwà rẹ̀ tó ń rú ọ lójú á sì bọ́ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ 14, ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ọ̀sán, kì í ṣe lóru. Wo ohun tí ìwà náà ń bá rìn. Ó lè máa bá ohun ìta kan rìn, bí ọjọ́ ọjà, ọjọ́ owó oṣù tàbí ìgbà tí ìyá rẹ̀ wá. Ó lè máa bá ohun tí ìwọ ń ṣe rìn. Ó sì lè má bá ohunkóhun rìn. Ti àkọ́kọ́ lè má nílò ju gbólóhùn kan lọ. Ti èkejì, ara rẹ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Ti ẹ̀kẹta ló nílò ìjókòó.

Fún alágbàtà kòkó, ohun ìta yẹn pọ̀. Sáà ńlá kòkó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá, ó sì máa ń wọ ọdún tó tẹ̀ lé e. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ alágbàtà máa ń ná owó sílẹ̀ fún àgbẹ̀ kí ẹlòmíràn má bàa gba kòkó náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Owó yẹn kì í padà kíákíá. Kòkó tútù máa wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 5 sí 7, lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a, sísá náà sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí òjò oṣù Kẹsàn-án kò bá jẹ́ kí oòrùn ràn. Ọkùnrin tí owó rẹ̀ ti wà lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa fún ìyàwó ní owó oúnjẹ díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí obìnrin kankan níta. Ìyàwó tó mọ èyí kò gbọ́dọ̀ fi ṣe àwíjàre fún un. Ó kàn ń jẹ́ kó mọ ìbéèrè tó yẹ ní bíbéèrè ni.

Ìjókòó ọ̀rọ̀

John Gottman, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń jiyàn, rí i pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sábà máa ń parí. Àwọn baba wa ti sọ tiwọn: ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní ń yọ ọfà lápó. Nítorí náà, ibẹ̀rẹ̀ ni kí a fi agbára sí jù.

Kọ́kọ́ dá àkókò, kí o sì dárúkọ ọ̀rọ̀. “Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀” láìsí àlàyé máa ń dẹ́rù ba ènìyàn, ó sì máa ń fún un láyè láti kó ìdáhùn jọ fún ogun tí kò sí. Ẹ sọ ọ́ báyìí: “Dádì, ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé wà tí mo fẹ́ ká jọ jókòó sọ. Kì í ṣe ìjà. Ṣé lálẹ́ ọ̀la lẹ́yìn oúnjẹ ni, àbí ọjọ́ Sátidé láàárọ̀?” Ọjọ́ tó wà láàárín kò gbọ́dọ̀ ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ẹ má mú àkókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà Oǹdó dé, tí eruku ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ má mú àárọ̀ ọjọ́ ìsìn. Ẹ má sọ ọ́ níbi tí ọmọ tàbí ará ilé ti lè gbọ́. Ilé tí gbogbo ènìyàn jọ ń pín ẹ̀yìnkùlé kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti sọ òótọ́, nítorí náà, ẹ jọ rìn jáde díẹ̀ tàbí kí ẹ jókòó sínú mọ́tò.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ohun tí mo rí, ohun tó ń ṣe fún mi, ohun tí mo fẹ́ mọ̀. “Dádì, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, owó oúnjẹ ń wá díẹ̀díẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ nítorí ilé ìwé ń wọlé, mi ò sì mọ iye tí mo lè gbójú lé. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni owó ṣe rí báyìí?” Ó parí. Má fi ìkẹrin kún un.

Fi wé èyí tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ: “Ẹ ti yí padà, ẹ ò rí ti àwa rò mọ́, ibi tí owó ń lọ, Ọlọ́run ló mọ̀.” Kò sí ìbéèrè nínú rẹ̀. Ẹ̀sùn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tó ṣeé dáhùn àfi kí ènìyàn bínú. Bákan náà ni “Ṣé ẹ ní obìnrin níta?” Bó bá ní rárá, ṣé o máa gbà? Bí o kò bá ní gbà á gbọ́, má tíì béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn gbólóhùn yẹn, dákẹ́. Dídákẹ́ yìí le. Ẹni tí ojú ń tì tàbí tó ń ṣírò máa pẹ́ kó tó dáhùn, ẹni tó béèrè sì máa ń fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mìíràn dí àlàfo náà. Mí sínú, mí síta ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ó ṣeé ṣe kí òótọ́ jáde lẹ́yìn ìgbà kẹrin.

Bó bá tún ní “Kò sí nǹkan,” má ṣe ní irọ́ ló ń pa. Fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin ní ìhà tiwa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọwọ́ mi ò tíì tẹ ojútùú rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí o rí mi bẹ́ẹ̀. Dín ìbéèrè náà kù sí ohun tó ní ìdáhùn kékeré: “Ó dáa. Ti aṣọ ilé ìwé nìkan, ṣé kí n fojú sí ọ̀sẹ̀ yìí tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?” Ẹni tí kò lè dáhùn ìbéèrè ńlá sábà máa ń lè dáhùn ti kékeré, láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á sì ti ṣí.

Kí ìjókòó náà má kọjá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ohùn bá ń ga sókè, tàbí tí ọ̀kan nínú yín kàn ń wo ilẹ̀ tí kò fèsì mọ́, ẹ dáwọ́ dúró. Bí àyà ènìyàn bá ti ń lù ju ìgbà 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan láìsáré láìgbẹ́rù, etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ara máa ń nílò ó kéré tán 20 ìṣẹ́jú kó tó rọlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá ní kí ẹ dúró gbọ́dọ̀ sọ ìgbà tí ẹ ó padà: “Ẹ jẹ́ ká mu omi, ká tún jókòó ní aago 9.” Ẹni tó dìde láìsọ ìgbà tó máa padà ti fi ẹnì kejì sílẹ̀ nìyẹn, bí ẹnì kejì ṣe máa rí i ná nìyẹn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ sọ ta ni yóò ṣe kí ni, ọjọ́ wo. “A ti gbọ́ ara wa” kò tó.

Bí ọ̀ràn wa ṣe lè lọ

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, lórí owó nìkan, ọkọ jẹ́wọ́ pé òun ti ná owó sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ju ti ọdún tó kọjá lọ, òun sì yá díẹ̀ kún un. Kò sọ ọ́ torí kò fẹ́ kí ìyàwó máa rò pé òun ń ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú owó ọmọ. Wọ́n gbà pé ìyàwó á fi èrè àǹkárá ra aṣọ ilé ìwé, ọkọ á san owó ilé ìwé ní ìdajì nínú ọ̀sẹ̀ kejì, ó sì máa fi ìwé gbèsè han ìyàwó. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì jù, nítorí ó ṣeé rí. Àlàyé tó bá ní ohun tí ojú lè rí lẹ́yìn ju àlàyé tó dùn létí lọ.

Ọjọ́ 14 ti àpẹ́wọlé pé. Ìwé ìyàwó fi hàn pé nínú ọjọ́ 14, ọjọ́ mẹ́jọ ni ọkọ pẹ́, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ ọjọ́ tó lọ sí Ìdànrè tàbí Oǹdó. Ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ jẹ́ nǹkan bí wákàtí kan bí kò bá sí ìdíwọ́, ẹni tó bá sì ń wọn kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú lè má dé ṣáájú aago 9. Ọjọ́ mẹ́fà ti ní ìdí. Ọjọ́ méjì tó kù, ọjọ́ Ẹtì méjèèjì, kò bá oko rìn.

Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kó béèrè ti fóònù, pẹ̀lú ọjọ́ Ẹtì méjì yẹn, ní ìjókòó kejì: “Dádì, mo rí i pé ọjọ́ oko ni ẹ sábà máa ń pẹ́, ó yé mi. Ọjọ́ Ẹtì méjì tó kọjá kò yé mi, fóònù tí ẹ sì ń gbé síta kò yé mi. Ó ń jẹ́ kí n máa rò ohun tí mi ò fẹ́ rò. Kí ló wà níbẹ̀?” Ẹ wò ó bí ìbéèrè yìí ṣe kéré tó ju ti ìparí oṣù Kẹjọ lọ. Ó ti yọ ohun tó yé e kúrò, ọkọ sì rí i pé wọ́n ti wo òun pẹ̀lú òótọ́.

Bó bá ní ọjọ́ Ẹtì ni òun ń lọ bẹ ẹni tó yá òun lówó, pé ẹni náà ló sì ń pè lálẹ́, ìdáhùn yẹn ṣeé fi wé ìwé gbèsè tó ti fi hàn: orúkọ, iye, ọjọ́. Bí wọ́n bá bá ara wọn mu, ọ̀rọ̀ náà ti di ti gbèsè, wọn ó jọ kojú rẹ̀. Bí kò bá mu, tàbí tí àlàyé rẹ̀ ń yí padà láti ìjókòó kan sí èkejì, ìyàwó ti kúrò nínú àìmọ̀. Ó mọ̀ báyìí pé ohun kan wà tí ọkọ kò fẹ́ sọ, ó sì mọ ibi tó wà gan-an. Wíwò mìíràn kò ní fi kún ìmọ̀ yẹn.

Ìgbà tí kì í ṣe wíwò, tí kì í ṣe ìjókòó ẹni méjì

Bí ọkọ tàbí aya rẹ bá ti gbọ́wọ́ sókè sí ọ, tó ń halẹ̀ mọ́ ọ, tàbí tí kò jẹ́ kí o jáde, má ṣe lo ìtọ́sọ́nà yìí. Má kọ ìwé tó lè rí, má bi í léèrè nìwọ nìkan. Wá ibi tí ara rẹ wà láìléwu, sọ fún ẹni tó lágbára láti gbà ọ́ sílé, kí o sì pe 112 bí ewu bá ń bọ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn láti ọdún 2021, ó sì kan ọkọ àti aya.

Bí ọkọ tàbí aya kò bá sùn, tí kò jẹun, tí kò fẹ́ ohunkóhun tó ń fẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ìyẹn sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ìwà tó ń rú ọ lójú lè jẹ́ àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ilé ìwòsàn ńlá ti UNIMED wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó. Bó bá ń sọ pé òun ì bá ti kú, má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Bí ìjókòó méjì bá ti kọjá tí ohun tí ẹ fẹnu kò lé lórí kò ṣẹlẹ̀, ìkẹta nílò ẹni kan láàárín. Ìyá tìrẹ kọ́. Ìyá rẹ máa ránti ohun tí ọkọ ṣe fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ìwọ ti dárí jì í. Wá ẹni tí òun alára ń gbọ́ràn sí lẹ́nu: ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, alárinà ìgbéyàwó yín, pásítọ̀ tàbí ààfáà tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán. Sọ fún ọkọ ṣáájú pé o fẹ́ pe ẹni náà, kí o sì jẹ́ kó yan nínú méjì tí o dárúkọ. Ohun tí o máa gbé síwájú àgbà náà kò ju ojú ìwé kan lọ: ohun tí ojú rí, ọjọ́ tí ẹ fẹnu kò, àti ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Fi èrò ọkàn rẹ nípa ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún ọkọ láti sọ, nítorí ìdí yẹn gan-an ni ìwọ kò mọ̀, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n.